Ọ̀nà ihò kọ́kọ́rọ́ fún x^(1/3)/(x²+1): kí ló dé tí ìdáhùn mi fi ní i nínú?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àjàṣẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ọdún kẹta yunifásítì ni mo wà báyìí. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa rèé:

I = ∫₀^∞ x^(1/3)/(x²+1) dx

Wọ́n ní ọ̀nà ihò kọ́kọ́rọ́ la gbọ́dọ̀ gbà. Mo fa ìlà ìgé láti òdo lọ sápá ọ̀tún títí láé. Mo rin òkè ìlà náà jáde, mo fi òbírí ńlá yí gbogbo rẹ̀ ká, mo gba ìsàlẹ̀ ìlà padà, mo sì fi òbírí kékeré yí òdo ká. Póòlù méjì ló bọ́ sínú, i àti −i. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

rẹ́sídù ní i: e^(iπ/6)/(2i)
rẹ́sídù ní −i: e^(−iπ/6)/(−2i)
àpapọ̀ wọn: sin(π/6) = 1/2

Òkè ìlà fún mi ní I, ìsàlẹ̀ fún mi ní −e^(2πi/3)·I. Nítorí náà (1 − e^(2πi/3))·I = 2πi × 1/2 = πi. Nígbà tí mo pín in:

I = −0.9069 + 1.5708i

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mò ń ṣírò kò ní i kankan nínú, kò sì sí ibi tó ti kéré ju òdo lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n mú apá gidi, kí n fi ìyókù sílẹ̀, ṣùgbọ́n −0.9069 ni apá gidi ọ̀hún. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìṣirò yìí ti yà bàrá?

Ọmọ_Ṣábẹ

Òbírí kékeré lo gbàgbé. Agbára onídàá máa ń dà rú nídìí òdo, ohun tó kù níbẹ̀ ló ń dà ẹ́ láàmú.

Lọ́nà kejì, kí lo ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ ṣe? Fi x = t³ sí i. dx á di 3t² dt, íńtẹ́gírà á di ∫₀^∞ 3t³/(t⁶+1) dt. Agbára onídàá ti lọ nìyẹn, kò sí ìlà ìgé mọ́. Mú igun tó fẹ̀ tó π/3 péré láti òdo, bí ìgbà tí wọ́n gé àkàrà òyìnbó. Póòlù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, e^(iπ/6). Rẹ́sídù ibẹ̀ jẹ́ e^(−iπ/3)/2. Ojú òkè igun náà, tí a gbà padà, fún wa ní −e^(4πi/3)·I, nítorí náà (1 − e^(4πi/3))·I = πi·e^(−iπ/3), tó já sí π/√3. Ìlà mẹ́ta péré, ó parí. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn olùkọ́ fi ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá_Wàńdò

Ẹ má bínú, ohun kan ń ṣe mí ní kàyéfì. Nígbà tí a wà ní ilé ìwé, agbára 1/3 ti −1 ni −1, ẹ̀rọ ìṣirò mi ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní. −1 lọ́nà mẹ́ta, −1 náà ni. Kí ló wá dé tí gbogbo yín ń kọ e sókè i síbi gbogbo? Tí ọmọ náà bá lo −1, ṣé i kò ní kúrò?

Ẹ̀gbọ́n_Kétu

Àbúrò, iṣẹ́ rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ibì kan ṣoṣo ló ti yẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí Ọmọ Ṣábẹ nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú òbírí méjèèjì kúrò nílẹ̀. Ká ní ε ni a fi jìnnà sí òdo lórí òbírí kékeré. Fọ́ńṣọ̀n náà kò ju nǹkan bí ε^(1/3) lọ níbẹ̀, gígùn òbírí sì jẹ́ 2πε. Tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, bí ε bá ti ń lọ sí òdo ni gbogbo rẹ̀ ń parẹ́. Lórí òbírí ńlá, tí a fi R jìnnà sí òdo, R^(1/3) wà lókè, R² wà nísàlẹ̀, gígùn jẹ́ 2πR. Ohun tó kù ń rìn bí R^(−2/3), òun náà parẹ́. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn wọn.

Igun −i lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí o sọ pé òkè ìlà ìgé ní igun 0, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní igun 2π, o ti ṣe àdéhùn tó mú gbogbo ojú ìwé náà: igun bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó ń pọ̀ sí i bí o ṣe ń gba òkè yí lọ sí òsì, títí o fi máa gba ìsàlẹ̀ padà dé ìdí ìlà. Lójú àdéhùn yìí, i wà ní π/2, −1 wà ní π, −i wà ní 3π/2. Kò síbi kankan nínú ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ tí igun ti jẹ́ −π/2. Kó o tó lè kúrò lókè ìlà kó o dé −i pẹ̀lú −π/2, àfi kó o la ìlà ìgé kọjá, bẹ́ẹ̀ torí kí ẹnikẹ́ni má là á kọjá la ṣe fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú wa mọ ohun tí ògiri àti yàrà ń ṣe: ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri tó fẹ́ wọlé kò ní fò ó, yóò yí i ká títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdẹ́nà. Ihò kọ́kọ́rọ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ògiri tirẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà rárá. Yíyí ká nìkan ló wà, bó o ṣe ń yí ni igun ń pọ̀.

Ó yá, tún rẹ́sídù kejì ṣe. (−i)^(1/3) = e^(i·(3π/2)/3) = e^(iπ/2) = i. Rẹ́sídù ibẹ̀ wá di i/(−2i) = −1/2. Ti àkọ́kọ́ kò yí padà, 1/4 − i√3/4 ni. Àpapọ̀ wọn:

−1/4 − i√3/4 = −(1/2)·e^(iπ/3)

Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2πi, ó di −πi·e^(iπ/3). Lápá kejì, 1 − e^(2πi/3) = −i√3·e^(iπ/3). Wo e^(iπ/3) lókè, wò ó nísàlẹ̀, wọ́n pa ara wọn rẹ́, i náà bá wọn lọ. Ó ku π/√3, ìyẹn 1.8138. Ọmọ Ṣábẹ àti ihò kọ́kọ́rọ́ ti pàdé.

Pípa tí wọ́n pa ara wọn rẹ́ yẹn ni kó o máa wò kó o tó pín ohunkóhun. Tí fọ́ńṣọ̀n tó bá x^a rìn bá jẹ́ onínọ́ńbà gidi, pín àpapọ̀ rẹ́sídù rẹ pẹ̀lú e^(iπa). Ohun tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà gidi. Tí i bá ṣì ń yọjú níbẹ̀, igun póòlù kan ni kó o padà lọ wò. Tìrẹ, 1/2 pín sí e^(iπ/3), i yóò yọjú lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Wàńdò, ẹ kú ìbéèrè. Mẹ́ta ni nọ́ńbà tí a lè sọ di agbára 3 kó di −1, −1 tẹ́ ẹ mẹ́nu bà wà lára wọn. Òun ni ẹ̀rọ yín yàn, nítorí òun nìkan ni kò ní i. Ṣùgbọ́n a kò lè yan èyí tó wù wá ní ibì kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ti fi igun 0 bẹ̀rẹ̀ lórí x, tí a rọra yí dé −1 láìfò, e^(iπ/3) la máa bá níbẹ̀. Ẹni tó bá fi −1 síbẹ̀ ti fò láàárín ọ̀nà, gbogbo ohun tí rẹ́sídù sì dúró lé ni pé fífò kò sí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ igun yẹn yé mi. Ohun tó wá dà mí rú rèé: mo wọn títóbi nọ́ńbà àkọ́kọ́ mi, −0.9069 + 1.5708i, 1.8138 ló fún mi! Ìdáhùn gan-an nìyẹn. Ṣé mo lè máa mú títóbi rẹ̀ nìgbà gbogbo, kí n má yọ ara mi lẹ́nu lórí igun?

Ọmọ_Ṣábẹ

Háà, ó bọ́ sí i!

Ẹ̀gbọ́n_Kétu

Rárá o. Ó ní ìdí tó fi bọ́ sí i, ìdí náà kò sì ní bá ẹ dé iṣẹ́ tó kàn.

Tí a bá kọ ọ́ pẹ̀lú a dípò 1/3, àpapọ̀ tó tọ́ jẹ́ −e^(iπa)·sin(πa/2), tìrẹ jẹ́ sin(πa/2). Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni −e^(iπa), títóbi rẹ̀ sì jẹ́ 1. Nítorí pé póòlù méjèèjì dojú kọra lókè àti nísàlẹ̀, tí kò sí ẹlòmíì láàárín wọn, gbogbo àṣìṣe igun náà kó ara rẹ̀ jọ sínú nọ́ńbà kan tí kì í yí títóbi padà. Fi póòlù kan sí −1 kó o rí i. Gba ∫₀^∞ x^(1/3)/((x+1)(x²+1)) dx. Ìdáhùn tó tọ́ sún mọ́ 0.664. Tó o bá fi −π/2 ṣe igun −i bíi ti tẹ́lẹ̀, tó o wá mú títóbi, 1.59 lo máa rí, kò sì ní sí i níbẹ̀ tí yóò kìlọ̀ fún ẹ torí o ti fi títóbi pa á mọ́. Igun −1 kò yàtọ̀ nínú àdéhùn méjèèjì, ti −i nìkan ló yàtọ̀, torí náà wọn ò lè jọ yí papọ̀ mọ́.

1.59 tóbi jù lójú lásán náà. Ìsàlẹ̀ ìdá ti fi (x+1) wúwo sí i, ìyẹn 1.8138 àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dín kù dáadáa.

Ìyá_Ìbejì_Ìfànyìn

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi kọ̀ǹpútà yẹ iṣẹ́ wò, ẹ ṣọ́ra o, nítorí àṣìṣe tí ọmọ yìí ṣe gan-an ni Páítọ́nù máa ń ṣe fún yín láìsọ̀rọ̀. Igun rẹ̀ ń lọ láti −π dé π, ìlà ìgé tirẹ̀ wà lápá òsì òdo. Tẹ́ ẹ bá kọ `(-1j)**(1/3)`, 0.866 − 0.5i ló máa gbé jáde, ó sì tọ́ lójú àdéhùn tirẹ̀. Àdéhùn tiyín ni kò mọ̀. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ fún un:

```python
import cmath, math

def agbara(z, a):
    t = cmath.phase(z)
    if t < 0:
        t += 2*math.pi
    return abs(z)**a * cmath.exp(1j*a*t)

p = [1j, -1j]
s = sum(agbara(z, 1/3)/(2*z) for z in p)
print(2j*math.pi*s/(1 - cmath.exp(2j*math.pi/3)))
```

`2*z` yẹn ni rẹ́sídù x²+1 ń béèrè nísàlẹ̀. 1.8138 ló máa jáde, pẹ̀lú apá i tó kéré débi pé kò já mọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá yọ `if` àti ìlà tó tẹ̀ lé e kúrò, ẹ máa rí −0.9069 + 1.5708i ti Akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́lẹ́. Láti yẹ ìdáhùn wò láìlo rẹ́sídù rárá, ẹ mú 3t³/(t⁶+1) ti Ọmọ Ṣábẹ fún `quad` ti SciPy. Ó rọrùn fún un ju x^(1/3) lọ, torí x^(1/3) máa ń dìde ní gọ́ńgọ́ létí òdo, ìrù rẹ̀ sì gùn lọ́wọ́ kejì.

Ará_Dàngbo

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi kún un. Èmi kì í bá igun 3π/2 jà mọ́. Dípò z^a, mo máa ń kọ (−z)^a, mo sì máa ń lo igun −π dé π tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Torí àmì − tó wà níwájú z, ìlà ìgé máa fò sápá ọ̀tún fúnra rẹ̀, síbi tí a fẹ́ ẹ gan-an. Lókè ìlà, (−z)^a jẹ́ x^a·e^(−iπa), nísàlẹ̀ ó jẹ́ x^a·e^(iπa). Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ −2i·sin(πa), torí náà:

I = −(π/sin(πa)) × àpapọ̀ rẹ́sídù (−z)^a·R(z)

R(z) ni fọ́ńṣọ̀n tó bá agbára náà rìn, 1/(z²+1) ni níbí. Fún iṣẹ́ yìí: ní i, (−i)^(1/3) = e^(−iπ/6), a pín in sí 2i. Ní −i, e^(iπ/6), a pín in sí −2i. Àpapọ̀ jẹ́ −sin(π/6) = −1/2. Nítorí náà I = π/(2·sin(π/3)) = π/√3. i kò yọjú nínú àpapọ̀, kò sì yọjú nínú ìdáhùn.

Ẹ sì wò ó, àpapọ̀ tí Akẹ́kọ̀ọ́ ní lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ 1/2. Èyí tèmi jẹ́ −1/2. Ohun tó ṣe ni pé ó mú rẹ́sídù láti inú àdéhùn kan, ó mú ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ ìlà láti inú òmíràn. Ó dára tó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ló mú.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu

Ó tọ́, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò tíì mọ bí igun ṣe ń rìn lórí ihò kọ́kọ́rọ́ yóò gbàgbé àmì − yẹn lọ́jọ́ ìdánwò, kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ará_Dàngbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, a kò ní fẹnu kò lórí ìyẹn. Iye àwọn tí mo ti rí tó fi −π/2 ṣe igun −i pọ̀ ju àwọn tó gbàgbé àmì − lọ.

Ará_Pọ́bẹ̀

Ẹ dákun, mo rò pé iṣẹ́ kan náà lèmi àti ọmọ yìí ń ṣe. Tèmi ni x^(−2/3)/(1−x), láti òdo títí láé, ní ti iye àárín gbùngbùn níbi x = 1. Ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ni 1.8138, òun náà! Ìṣirò tèmi fún mi ní 1.8138 − 3.1416i. Mo mú apá gidi, ó sì bá a mu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí Akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tiẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Kétu

Iṣẹ́ méjì ni. Tìrẹ, tí a bá kọ ọ́ ní x^(a−1)/(1−x), jẹ́ π·cos(πa)/sin(πa), ti ọmọ náà jẹ́ π/(2cos(πa/2)). Wọ́n kàn pàdé níbi a = 1/3 ni. Fi 1/2 sí i: tìrẹ, tó ti di x^(−1/2)/(1−x), máa di òdo, tiẹ̀, x^(1/2)/(x²+1), máa di π/√2, ìyẹn 2.2214.

Póòlù tìrẹ kò sí nínú ihò kọ́kọ́rọ́, orí ìlà ìgé gan-an ló jókòó sí. O ní láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lókè pẹ̀lú ìdajì òbírí, nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìdajì òbírí. Mo rò pé o mú πi fún méjèèjì, o sì ní 2πi. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nísàlẹ̀, igun 1 ti di 2π, agbára onídàá níbẹ̀ jẹ́ e^(2πia), kì í ṣe 1. Ohun tó tọ́ ni

(1 − e^(2πia))·I + πi·(1 + e^(2πia)) = 0

Kò sí póòlù kankan nínú, ìdí nìyẹn tí òdo fi wà lápá ọ̀tún. Yọ èyí kúrò lára ìlà tìrẹ, wàá rí i pé πi·(1 − e^(2πia)) lo fi lé e, tó o bá sì pín in, −πi gẹ́lẹ́ ló bọ́ sínú ìdáhùn rẹ, bí a bá jẹ́ èyíkéyìí láàárín 0 àti 1. Ìdí nìyẹn tí apá gidi rẹ fi tọ́. Àṣìṣe tìrẹ bọ́ sínú apá i nìkan, ti Akẹ́kọ̀ọ́ yí gbogbo nọ́ńbà náà po. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìbá gba ìwọ là, kò lè gba òun.

Ará_Pọ́bẹ̀

2πi náà ni mo fi sí i lóòótọ́. Tó bá wá jẹ́ (1−x)² ló wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Èyí tó kàn nínú ìwé mi nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ìfànyìn

Mo gbé e fún kọ̀ǹpútà báyìí. Bí mo ṣe ń sún mọ́ 1 láti ọ̀tún àti òsì ni nọ́ńbà náà ń wú sí i, kò dúró síbì kan.

Ará_Dàngbo

Kò ní dúró. Pẹ̀lú (1−x) lásán, òkè lápá kan àti ìsàlẹ̀ lápá kejì ń pa ara wọn rẹ́ nídìí 1. Pẹ̀lú (1−x)², apá méjèèjì ló ń lọ sókè, kò sóhun tí yóò pa wọ́n rẹ́. Iye àárín gbùngbùn kò sí fún un. Tí ìwé náà bá ní ìdáhùn fún un, á jẹ́ pé wọ́n ti yọ ohun tó ń lọ sókè yẹn kúrò kí wọ́n tó kọ ìyókù. Wo ojú ìwé tó ṣáájú bóyá wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ṣábẹ

Èmi ṣì dúró lórí x = t³ o. Ẹ máa jà.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu

Fi x^(√2 − 1) síbẹ̀, kó o wá sọ fún mi ohun tí t máa jẹ́.

Ọmọ_Ṣábẹ

x = e^u.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu

Ó wà níbẹ̀, mi ò lè jiyàn. e^(u√2)/(e^(2u)+1), láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, kó o wá fi àpótí onígun mẹ́rin tó ga tó 2π ká a mọ́. Ṣùgbọ́n wo póòlù tó wà nínú àpótí náà: iπ/2 àti 3iπ/2. 3π/2 yẹn náà lo tún bá pàdé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àjàṣẹ́

Mo ti ṣe ti (x+1)(x²+1) náà. Mo fi π sí −1, mo fi 3π/2 sí −i, mo pín àpapọ̀ pẹ̀lú e^(iπ/3) kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn: −0.1830, kò sí i lára rẹ̀. I jẹ́ 0.6639. Mo máa fi igun 0 dé 2π kọ èyí tí mo máa fi sílẹ̀ fún olùkọ́, mo máa kọ (−z)^a sí ẹ̀yìn ìwé.